Ta Ló Máa Dúró Ti Ìkòkò?

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú fóònù mi tó ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mi ò lè pa rẹ́. Ọmọbìnrin kan ló fi ránṣẹ́ sí péèjì Ínsítágíráàmù tí mo ń bá màmá mi bójú tó. Alásè ni màmá mi, n'Íbàdàn níbí, ìnáwó ìgbéyàwó ni wọ́n sì ń ṣe jù. Ọmọbìnrin náà kí mi dáadáa. Ó ní oúnjẹ tóun rí wu òun, ó ní oṣù kọkànlá ni ìgbéyàwó òun, ó wá béèrè pé: "Ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀yin gan-an lẹ sè é?"

Mo dá a lóhùn kíá. Mo ní gbogbo ayẹyẹ la máa ń ṣe, èèyàn mélòó ni wọ́n fẹ́ pè? Mo rí i pé ó ka èsì mi. Títí dòní, kò sọ nǹkan kan mọ́.

Ká ní owó ló lé e lọ ni, ì bá má dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì dárúkọ owó rárá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí, mo sì dáhùn ohun tí kò bi mí. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń ṣa ẹ̀wà tàbí tí mo bá wà nínú ọkọ̀, ìbéèrè yẹn ló ń padà wá sọ́kàn mi.

Báyò tó lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni

Èmi ni mo kọ báyò wa, ìyẹn ọ̀rọ̀ ṣókí tó wà lábẹ́ orúkọ péèjì, nítorí náà mi ò lè di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo kọ nìyí: "Oúnjẹ aládùn fún gbogbo ayẹyẹ. Ìgbéyàwó, ọjọ́ ìbí, ìsìnkú, ìsọmọlórúkọ. Adùn tí kò lẹ́gbẹ́. Ẹ kọ̀wé sí wa fún iye owó." Mo tún fi àwòrán ṣíbí àti ọwọ́ iná sí i kó lè dán.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ṣí péèjì àwọn alásè mìíràn n'Íbàdàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹni tí adùn tiẹ̀ kò lẹ́gbẹ́ pọ̀ débi pé ẹgbẹ́ kan ni gbogbo wa wà. Bí ẹnì kan bá yọ báyò wa kúrò tó sì lẹ ti ẹlòmíràn mọ́ ọn, màmá mi gan-an ò ní mọ̀.

Kí n sì jẹ́wọ́ èyí tó burú jù. Nínú àwòrán mẹ́sàn-án tí èèyàn kọ́kọ́ ń rí tó bá ṣí péèjì wa, mẹ́ta kì í ṣe tiwa. Mo mú wọn láti ibòmíràn ni, torí pé abọ́ funfun ni wọ́n fi gbé oúnjẹ náà kalẹ̀, wọ́n sì fi ewé tútù kékeré kan sórí ìrẹsì. Màmá mi ò fi ewé sórí ìrẹsì rí láyé wọn. Mi ò mọ̀ bóyá ọmọbìnrin yẹn ti rí àwòrán náà níbòmíràn tẹ́lẹ̀. Mo kàn mọ̀ pé ibi tí ìbéèrè rẹ̀ bọ́ sí, ibẹ̀ gan-an ló ń dùn mí.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, a máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Lórí péèjì, kò sójú. Ẹni tó fẹ́ kó owó ìgbéyàwó rẹ̀ fún wa ò rí ojú màmá mi, kò rí ẹ̀yìn ilé wa, kò rí ìkòkò. Báyò yẹn ló wà níbẹ̀ dípò ojú, ohun tó sì sọ fún un ni pé a dà bí gbogbo ènìyàn.

Obìnrin tó jókòó sórí àpótí

Ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ kan ni ọ̀rọ̀ náà wá yé mi, kì í sì í ṣe lórí fóònù. Obìnrin kan tí aládùúgbò wa júwe ilé fún wá bá màmá mi. Wọ́n ń bó ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́, ọwọ́ wọn wà nínú omi, èèpo ẹ̀wà ti léfòó sójú ọpọ́n. Obìnrin náà fa àpótí kan, ó jókòó. Ó ní ọmọ òun obìnrin kejì ló fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Mo sáré mú fóònù kí n lè fi àwòrán hàn án. Kò tilẹ̀ wojú mi.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo lẹ máa dáná sí?"

Màmá mi ní, "Bí àyè bá wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn yín, ibẹ̀ ni. Bí kò bá sí, ilé níbí ni, ṣùgbọ́n ìrẹsì ò ní kúrò lórí iná ṣáájú aago mẹ́wàá. Mi ò fẹ́ kó pẹ́ nínú kúlà."

"Ta ló máa dúró tì í?"

"Èmi ni. Àwọn ọmọ á gé àlùbọ́sà, wọ́n á lọ ata, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló ń bu iyọ̀."

"Bí ẹlòmíràn bá tún gbé iṣẹ́ wá lọ́jọ́ náà ńkọ́?"

Ìgbà yẹn ni màmá mi yọ ọwọ́ nínú omi. "Ẹ gbọ́ mà, mi ò lè wà níbi méjì. Ìyàwó kan ni mo máa ń gbà ní Sátidé kan. Irínwó èèyàn ni mo sì lè dá ṣe. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, màá pe ọ̀rẹ́ mi kan mọ́ra, màá sì sọ fún yín pé mo pè é."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. Ó wá sọ tiẹ̀ fún wa. Nígbà ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́, ẹni tí wọ́n san owó fún gba iṣẹ́ méjì lọ́jọ́ kan, ó gbé tiwọn fún ẹlòmíràn láìsọ fún wọn. Ìrẹsì tán nígbà tí wọn ò tíì dé tábìlì àwọn ẹbí ọkọ. Ó ní títí dòní, bí àna òun bá fẹ́ fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ìrẹsì yẹn ló máa ń dá sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí orúkọ alásè náà. Orúkọ òun ni wọ́n ń dá.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mo wá rántí pé gbogbo ìbéèrè tí obìnrin náà bi màmá mi, kò sí èyí tó kan adùn níbẹ̀. Aládùúgbò wa ti sọ ti adùn fún un. Ohun tó wá mọ̀ ni ẹni tó máa wà níbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà àti ibi tí agbára ẹni náà parí sí. Ó sì jẹ́ pé ìgbà tí màmá mi sọ ohun tí wọn ò lè ṣe ni ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Nínú gbogbo ìdáhùn yẹn, ẹyọ kan ò sí nínú báyò wa.

Ibi tí irínwó ti wá

Lẹ́yìn tí obìnrin náà lọ, mo bi màmá mi ìdí tó fi jẹ́ irínwó, tí kì í ṣe ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Mo rò pé wọ́n kàn sọ ọ́ ni. Wọ́n wò mí bí ẹni tó bi wọ́n ní iye ọmọ tí wọ́n bí.

Àpò ìrẹsì oníkílò 50 kan, nínú ìdiwọ̀n tiwọn, máa ń tó nǹkan bí abọ́ 250, tí àmàlà àti mọ́ínmọ́ín bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Fún èèyàn 400, àpò méjì ni wọ́n máa ń sè, ọ̀kan jọ́ọ̀lọ́ọ̀fù, ọ̀kan díndín. Ìyẹn jẹ́ abọ́ 500. Ọgọ́rùn-ún tó lé yẹn kì í ṣe àṣìṣe. Ti àwọn mo-gbọ́-mo-yà ni, àti ti àwọn ìyá tó máa ń fi abọ́ kan ránṣẹ́ sílé. Alásè tó bá sè iye tí wọ́n kọ sínú ìwé gẹ́lẹ́, aago méjì ò ní lù kí oúnjẹ rẹ̀ tó tán.

Àpò méjì yẹn ò lè wọ ìkòkò kan, nítorí pé tí ìrẹsì bá ti jinlẹ̀ jù, ìsàlẹ̀ á jóná nígbà tí òkè ṣì tutù. Ìkòkò ńlá mẹ́ta ni wọ́n máa ń gbé kaná fún ìrẹsì, wọ́n á sì máa yí ká wọn. Ìkòkò kẹrin ni wọn ò lè dúró tì. Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ rí, èyí tí wọ́n kẹ́yìn sí ló jó. Ibẹ̀ ni irínwó ti wá.

Ti kúlà náà ní ìdí tirẹ̀. Oúnjẹ tó gbóná tí wọ́n dé pa á máa tutù díẹ̀díẹ̀, á lọ́ wọ́ọ́rọ́, inú wọ́ọ́rọ́ yẹn ló ti máa ń kan. Bí ata ọbẹ̀ ò bá dín dáadáa kí wọ́n tó da ìrẹsì sí i, ó tún ń yá sí i. Mọ́ínmọ́ín ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Èèyàn lè mọ̀ nígbà tó bá ṣí ìdérí kúlà: òórùn kíkan díẹ̀, àti pé ojú oúnjẹ á máa yọ̀ bí ẹni tó fa ìlá sí i. Nítorí náà, ẹni tó bá béèrè ibi tí a ó dáná sí kì í ṣe ẹni tó ń wá tọ́pinpin. Ó fẹ́ mọ iye wákàtí tó wà láàárín iná àti ẹnu àlejò rẹ̀ ni. Bí alásè bá kọ "A ń lọ káàkiri Nàìjíríà" sínú báyò láìsọ pé ibi ìnáwó lòún ti ń dáná, ìbẹ̀rù ló dá sílẹ̀, kì í ṣe ìyìn.

Lẹ́tà 150 péré

Èmi àti màmá mi jókòó lálẹ́ Àìkú láti tún báyò náà kọ. Ínsítágíráàmù ò gbà ju lẹ́tà 150 lọ, àlàfo àti ìlà tuntun wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ Yorùbá tún ní wàhálà kan tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Lórí fóònù tèmi, "ó" jẹ́ lẹ́tà kan, ṣùgbọ́n "ọ́" tó ní àmì lókè àti lábẹ́ ń jẹ méjì. Mo rò pé fóònù mi ń ya wèrè ni títí mo fi kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí a fi sílẹ̀ nígbẹ̀yìn nìyí:

"Alásè ìgbéyàwó, Ìbàdàn
Èèyàn 100 sí 400
Ìyàwó kan ní Sátidé kan
Èmi fúnra mi ni mo ń dáná
Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó sanwó"

Lẹ́yìn rẹ̀, BN, ìyẹn àmì pé a ti forúkọ okòwò wa sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ wa. Lẹ́tà tó ṣẹ́kù lé ní ogún. Mo fẹ́ fi "aládùn" sí i, màmá mi ní kí n fi ààyè náà sílẹ̀.

Ìjà wa pọ̀ lórí "ìgbéyàwó" tó dá wà. Mo ní a máa pàdánù àwọn tó fẹ́ ṣe òkú àti ọjọ́ ìbí. Màmá mi ní ẹni tó fẹ́ ṣe òkú ò ka báyò, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló máa mú un wá. Òótọ́ ni. Ẹni tó ń wá alásè láàárín àwọn tí kò mọ̀ rí, ìyàwó àti ẹbí rẹ̀ ni, wọ́n sì ń wá a ní oṣù mẹ́fà ṣáájú. Orí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń wú tó bá rí i pé tòun nìkan ni wọ́n ń ṣe.

Ìjà kejì jẹ́ lórí "èmi". Èmi ni mo ń dáhùn, màmá mi ló ń dáná. Ta wá ni "èmi"? A fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí ó ṣe wà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo èsì pẹ̀lú "Ọmọ wọn ni mo jẹ́, ẹ jẹ́ kí n bi wọ́n." Ó máa ń pẹ́ díẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń dúró.

Mo pa àwòrán mẹ́ta yẹn rẹ́. Èyí tí mo fi rọ́pò wọn ò rẹwà: ìdérí ìkòkò tó ti dúdú, ọwọ́ màmá mi lórí ọmọrogùn, òrùka ìgbéyàwó wọn tó ti há sí ìka, èéfín igi lẹ́yìn wọn. Kò sẹ́ni tó lè jí irú àwòrán yẹn, kò wu ẹnikẹ́ni láti jí i.

Orúkọ mẹ́ta

Ibì kan wà tí báyò dídára lè já sí asán, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i. Ọkùnrin kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, tó fẹ́ wá ṣe ìgbéyàwó nílé, gbà láti san àsansílẹ̀. Ó fi nọ́ńbà àkáǹtì tí mo fún un ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà níbí, kó bá òun san án. Ẹ mọ̀ pé tí èèyàn bá tẹ nọ́ńbà àkáǹtì, orúkọ ẹni tó ni ín á yọ kó tó fi owó ránṣẹ́. Orúkọ tó yọ ni orúkọ ilé màmá mi, kì í ṣe orúkọ iléeṣẹ́ tó wà lórí péèjì. Ẹ̀gbọ́n náà pè mí lójú ẹsẹ̀: "Àǹtí, ta nìyí?"

Mo ṣàlàyé títí. Ó san án, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tó ti wá sílé wa fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò ní ẹ̀gbọ́n n'Íbàdàn kò ní san.

Orúkọ lórí péèjì, orúkọ tí a fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ okòwò sílẹ̀, àti orúkọ tó ń yọ ní báńkì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan. A ti ní ìwé CAC tẹ́lẹ̀, a kàn ń tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí aṣọ ni. Òun la gbé lọ báńkì láti fi ṣí àkáǹtì iléeṣẹ́. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú: orúkọ okòwò ló máa ń ní BN, kọ́ńpìnnì ló ní RC. Mo rí àwọn alásè tó kọ RC nígbà tó jẹ́ BN ni wọ́n ní, torí RC ń dún bí ẹni ńlá. Oníbàárà tó bá wá a lórí ìkànnì CAC tí kò rí i, olè ló máa pè wọ́n. Kí n má sì tan ẹnikẹ́ni: ìforúkọsílẹ̀ ò sọ pé ìrẹsì máa jinná. Gbogbo ohun tó ń sọ ni pé bí ìjà bá dé, ẹni kan wà tí wọ́n lè mú.

Ọ̀rọ̀ líǹkì Wáásápù tún wà. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, líǹkì tó wà lábẹ́ báyò wa ò ṣí ibì kankan, torí mo fi òdo bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà náà bí a ṣe ń pè é nílé. Bó ṣe yẹ kó rí ni pé kí a yọ òdo iwájú, kí a fi 234 sí i, láìsí àmì àròpọ̀ àti àlàfo:

```
https://wa.me/234XXXXXXXXXX
```

Èmi tí mo ń jà lórí ọ̀rọ̀ adùn, ilẹ̀kùn ilé ti wà ní títì. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí ẹ bá ti kọ tiyín tán, ẹ gba fóònù ẹlòmíràn kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tí báyò náà gbà lọ́wọ́ wa

Ìlà "Ẹ tọ́ ọ wò" ló kọ́kọ́ fìyà jẹ wá. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyàwó kan mú ọ̀rẹ́ mẹ́rin wá, òmíràn mú àbúrò bàbá rẹ̀ tó béèrè bóyá ẹran ṣì wà. Ẹni méjèèjì ò padà wá. Ní báyìí, ẹni méjì péré ló lè wá tọ́ ọ wò, owó kékeré ni wọ́n ń san, a ó sì yọ ọ́ kúrò nínú owó wọn tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ fún wa. Ẹni tó wà lókè òkun lè rán ìyá rẹ̀ wá. Àwọn ìyá yìí ò ṣeé tàn jẹ rárá, ìsàlẹ̀ ìkòkò ni wọ́n máa ń ní ká bù fún àwọn.

Èyí tó wá nira jù ni Sátidé kan nínú oṣù Disẹ́ńbà. A ti gba iṣẹ́ kan, èèyàn 180. Ẹlòmíràn wá pẹ̀lú èèyàn 400, ọjọ́ kan náà, gbọ̀ngàn méjèèjì ò sì jìnnà síra. Màmá mi dákẹ́ títí. Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò, nítorí èmi náà ń rò ó.

Mo ní, "Màmá, a ti kọ ọ́ síta o."

Wọ́n ní, "Ìwọ lo kọ ọ́, kì í ṣe èmi."

"'Èmi fúnra mi' ló wà níbẹ̀."

Wọ́n pòṣé. Wọ́n gbé fóònù, wọ́n pe ọ̀rẹ́ wọn tó ń ṣe alásè, wọ́n fi oníbàárà náà lé e lọ́wọ́. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi jẹun alẹ́. Ọdún yìí le, owó iṣẹ́ náà ì bá ti ra fírísà tuntun fún wa.

Ọmọbìnrin àkọ́kọ́ yẹn ò padà wá. Oṣù kọkànlá ti wọlé, mo rò pé ó ti rí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n lánàá, ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí kọ̀wé wọlé. Kò kí mi púpọ̀. Kò béèrè ẹni tó sè é, kò béèrè bó ṣe dùn sí. Ó ní, "Ẹ káalẹ́ mà. Sátidé wo ló ṣófo fún yín lóṣù kẹta?"

Mo dìde lọ wo ìwé tí màmá mi máa ń kọ Sátidé sí, èyí tó wà lórí fíríìjì, tí òróró ti ta sí ẹ̀yìn rẹ̀. Méjì ló ṣẹ́kù.